Kí Ni Mo Fẹ́ Fọwọ́ Sí Yìí? Ìpínrọ̀ Kan Nínú Ìwé Àdéhùn Ilé

Ẹni tó bá ń gba ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Èkó sábà máa ń rí ìwé àdéhùn lẹ́yìn tó ti sanwó tán. Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀, awakọ̀ ń kùn pé àsìkò ń lọ, ajẹ́ǹtì sì ní kó wá fọwọ́ sí ìwé kó lè gba kọ́kọ́rọ́. Ìwé náà tó ojú ewé mẹ́fà tàbí méje. Ibi tí orúkọ òun wà àti ibi tí iye owó wà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò, tí wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Mi ò lè bá wọn wí. Bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ kà á délẹ̀, ìpínrọ̀ kan wà láàárín ìwé náà tí kì í jẹ́ kí èèyàn tẹ̀ síwájú, ìyẹn ibi tí ayálégbé ti ń ṣèlérí fún onílé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ó sì lè kún ìdajì ojú ewé kó tó dúró.

Ìpínrọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká tú lónìí, ká sì tún un kọ bí ẹni tó ń bá ọmọ ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, ká ní ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, ó ríṣẹ́ sí Ìkẹjà, ó sì gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Ògbà. Owó ilé jẹ́ ₦800,000 lọ́dún. Onílé gbà kó san án lẹ́ẹ̀mejì: ₦400,000 lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2026, ₦400,000 yòókù lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Ọdún kan gbáko ni ìwé náà dá fún un, yóò sì parí lọ́jọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2027.

Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹjọ́ ni wọ́n sábà fi ń kọ irú ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e wá sí Yorùbá pẹ̀lú gbogbo ìdìpọ̀ rẹ̀, láìtú okùn kankan:

> Ayálégbé, fún ara rẹ̀ àti àwọn aṣojú rẹ̀, bá onílé dá májẹ̀mú báyìí pé òun yóò san owó ilé tí a dárúkọ lókè yìí ní ìṣáájú ní àwọn ọjọ́ tí a là sílẹ̀ fún un, yálà a béèrè fún un lọ́nà òfin tàbí a kò béèrè. Àti pé òun yóò máa tọ́jú inú ilé náà àti gbogbo ohun tí a dè mọ́ ọn ní ipò rere tó yẹ fún gbígbé, àyàfi gbígbó tí ìlò tó bójú mu mú wá. Àti pé òun kò ní fi ilé náà tàbí apá kankan nínú rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ tàbí yá a fún un, bẹ́ẹ̀ ni òun kò ní yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, láìkọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda onílé ní kíkọ sílẹ̀. Àti pé òun yóò gba onílé tàbí aṣojú rẹ̀ láàyè láti wọlé ní gbogbo àkókò tó bójú mu láti wo ipò tí ilé náà wà. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé owó ilé tàbí apá kan nínú rẹ̀ wà nílẹ̀ láìsan fún ọjọ́ 21 lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí a san án, tàbí tí ayálégbé bá rú èyíkéyìí nínú àwọn májẹ̀mú inú ìwé yìí, ó tọ́ fún onílé nígbàkígbà lẹ́yìn náà láti tún wọ inú ilé náà, tàbí apá kan nínú rẹ̀ ní orúkọ gbogbo rẹ̀, àdéhùn yìí yóò sì dópin lójú ẹsẹ̀, láìdí ẹ̀tọ́ onílé lọ́wọ́ lórí májẹ̀mú èyíkéyìí tí ayálégbé ti rú ṣáájú.

Ẹ má gbìyànjú láti lóye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú bíírò, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ẹnì kan ṣe tàbí kó má ṣe. San owó. Tọ́jú inú ilé. Má fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Má yí nǹkan padà. Jẹ́ kí onílé wọlé wò ó. Ti ayálégbé ni márààrún. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kan ẹ̀kẹfà, "tún wọ inú ilé náà", èyí tó jẹ́ ti onílé. Ìyẹn kì í ṣe ìlérí rárá. Agbára ni wọ́n fi lé onílé lọ́wọ́. Ìlérí márùn-ún àti agbára kan ni wọ́n dì pọ̀ sójú kan, tí wọ́n sì fi "àti pé" so wọ́n mọ́ra.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tí yóò ṣe é, àti ohun tó lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù. Ìdí "àyàfi" àti ìdí "láìkọ́kọ́ gba" ni ààbò ayálégbé máa ń wà. Ẹni tó bá tún ìwé kọ ní ṣókí, tó wá fo "àyàfi" nítorí pé ó fẹ́ kí gbólóhùn kúrú, ti gbé ẹrù tí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ lé ayálégbé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlérí owó. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ fojú sí ni "yálà a béèrè fún un lọ́nà òfin tàbí a kò béèrè." Nínú òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, onílé tó bá fẹ́ fi gbèsè gba ilé rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá béèrè iye owó náà gan-an, lọ́jọ́ tó yẹ, nínú ilé náà. Ọ̀rọ̀ kúkurú yìí ló gba onílé lọ́wọ́ wàhálà yẹn. Fún ọ̀dọ́mọbìnrin wa ní Ògbà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tí yóò wá kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò rántí. Kò ní lè sọ lẹ́yìn náà pé ajẹ́ǹtì kò pe òun.

Òfin ní ohun tirẹ̀ láti sọ sí ọ̀rọ̀ owó. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, kò gba onílé láàyè láti gba owó tó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó sì pàṣẹ pé kí onílé fún un ní rìsíìtì tí ọjọ́, orúkọ àwọn méjèèjì, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tí owó náà dúró fún wà nínú rẹ̀. Ìlérí pé ayálégbé yóò sanwó wà nínú ìpínrọ̀ wa; ti rìsíìtì kò sí níbẹ̀. Àìsí rẹ̀ nínú ìwé kò pa ẹ̀tọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà kò ní béèrè fún un. Ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù ń fi hàn pé owó kúrò lọ́wọ́ yín. Kò sọ pé owó ilé oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejì ni.

Ìlérí kejì, ti ìtọ́jú, ni ìjà rẹ̀ máa ń pọ̀ jù nígbà tí ayálégbé bá ń kó jáde. "Gbígbó tí ìlò tó bójú mu mú wá" túmọ̀ sí ohun tí ọjọ́ orí àti gbígbé inú ilé fúnra rẹ̀ máa ń ṣe sí nǹkan, bí ẹni tó ń gbébẹ̀ tilẹ̀ ń rọra ṣe. Oòrùn á pa ọ̀dà ara ògiri tó kọjú sí fèrèsé. Àgánrándì ilẹ̀kùn á dẹ̀. Ilẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà á máa dán. Kò sí èyí tí ayálégbé jẹ gbèsè rẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí gíláàsì fèrèsé bá fọ́ nítorí pé ọmọ àlejò ju bọ́ọ̀lù lù ú, tàbí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì jó nítorí pé ó ki ẹ̀rọ ìdáná mẹ́ta bọ ihò kan, ìyẹn kì í ṣe gbígbó, ìbàjẹ́ ni. Yóò tún un ṣe.

Àwọn ohun tó wà láàárín méjèèjì ló ń dá ìjà sílẹ̀, ẹ̀rí ló sì ń parí rẹ̀. Ká ní síńkì ilé ìdáná ti ní ìlà fífọ́ tín-ín-rín kan kí ọmọbìnrin yìí tó wọlé. Kò kà á sí nítorí pé omi kò jò níbẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìlà náà ti di ihò, onílé sì fẹ́ yọ owó síńkì tuntun nínú owó kọ́ṣọ́n tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń wọlé. Bí kò bá sí àwòrán, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló fi kojú ọ̀rọ̀ ẹnu onílé. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹrù tó wọlé, ẹ fi fóònù ya yàrá kọ̀ọ̀kan, àjà òkè, ìsàlẹ̀ síńkì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ àti mítà iná pẹ̀lú iye tó wà lójú rẹ̀. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ajẹ́ǹtì lọ́jọ́ kan náà, kí ọjọ́ lè wà lára rẹ̀. Ní ti owó kọ́ṣọ́n, òfin ọdún 2011 ní kí wọ́n fún un ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná owó bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ẹ tún kíyè sí i pé "inú ilé" ni wọ́n kọ. Òrùlé, ògiri ìta, àtẹ̀gùn tí gbogbo ará ilé ń gùn àti kòtò ìdọ̀tí kò sí nínú ìlérí yìí. Òfin Èkó fi àtúnṣe ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò sọ́rùn onílé. Bí àjà pálọ̀ bá rẹ nítorí pé páànù òkè ń jò, inú ilé ni ẹ ti rí omi, ṣùgbọ́n òkè ni ó ti wá. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ tí ẹ rí i. Bí ẹ bá dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta tí àjà wá já lulẹ̀, wọn yóò ní ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó burú tó bẹ́ẹ̀.

Ti fífi ilé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ àti ti yíyí nǹkan padà jọ ń gbé abẹ́ àyàfi kan ṣoṣo, ìyẹn ìyọ̀ǹda onílé ní kíkọ sílẹ̀. Àbúrò ayálégbé tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀ kò tíì di ayálégbé. Ọ̀rẹ́ tó gba yàrá inú lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń san owó fún un lóṣooṣù, ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ti yíyí nǹkan padà, kì í ṣe wíwó ògiri nìkan. Bí ẹ bá dá ihò sí ògiri kí páìpù ẹ̀rọ amúlétutù lè kọjá, tàbí tí ẹ kan pánẹ́ẹ̀lì sólà mọ́ òrùlé, ó kún un. Onílé á rẹ́rìn-ín, á ní "kò burú, ọmọ mi, ṣe é," ẹ ó sì rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n ìwé ní kíkọ sílẹ̀. Bí ó bá kú lọ́la tí àwọn ọmọ rẹ̀ gba ilé, ẹ̀rín yẹn kò ní bá a yín sọ̀rọ̀ níwájú wọn. Bébà kékeré kan tó ní ọjọ́, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe àti ìfọwọ́sí rẹ̀ ti tó.

Ìlérí karùn-ún kò gba àkókò. "Gbogbo àkókò tó bójú mu" lè fẹ̀ bí ẹni tó ń kà á bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n òfin ọdún 2011 dín in kù: ojú ọ̀sán ni, onílé sì gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ tẹ́lẹ̀. Òfin fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú ilé rẹ̀ ní àlàáfíà, láìsí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn wọlé bó ṣe wù ú.

Ẹ̀kẹfà ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti máa ń ba ènìyàn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ onílé ti máa ń ṣi ara wọn lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìgbà tó lè dìde. Ọ̀nà méjì ni: gbèsè tó ti pé ọjọ́ 21, tàbí rírú ìlérí èyíkéyìí. Ẹni tó bá ti san owó ọdún kan pé kó tó wọlé kò ní gbèsè owó ilé kankan tí ọ̀nà àkọ́kọ́ lè fi mú un láàárín ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọbìnrin wa ń san owó. Bí ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án bá kọjá, ọjọ́ 21 yóò pé lọ́jọ́ 22 oṣù kẹsàn-án. "Tàbí apá kan nínú rẹ̀" sì wà níbẹ̀. Bí ó bá san ₦380,000, tó ní òun yóò wá ₦20,000 yòókù tó bá di ìparí oṣù, ìwé kà á sí pé ó jẹ gbèsè. Bí onílé bá gbà fún un, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà á di ọjọ́ báyìí.

"Apá kan nínú rẹ̀ ní orúkọ gbogbo rẹ̀" kò le tó bó ṣe dún. Ó túmọ̀ sí pé bí onílé bá gba yàrá kan padà, bí ẹni pé ó gba gbogbo ilé ni. Ìlà tó gbẹ̀yìn ní tirẹ̀ ń sọ pé bí ayálégbé bá tilẹ̀ ti jáde, gbèsè tó jẹ kó tó jáde kò bá a jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá ni "tún wọ inú ilé náà." Ẹni tó bá kà á bó ṣe wà yóò rò pé lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, onílé lè mú àgádágodo wá, kó kó ẹrù ọmọbìnrin náà síta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2011 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi agbára lé ayálégbé jáde, láti halẹ̀ mọ́ ọn kó lè jáde, tàbí láti ká òrùlé tàbí yọ ilẹ̀kùn nítorí àtilé e jáde láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, ó sì lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti là á yé gbogbo ènìyàn tipẹ́. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lé Odumegwu Ojukwu jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ lórí ilé náà wà ní kóòtù. Ní ọdún 1986, ilé ẹjọ́ náà sọ pé ìjọba pàápàá kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Nítorí náà, agbára tí ìpínrọ̀ wa fún onílé ni agbára láti fòpin sí àdéhùn kó sì gba kóòtù lọ. Ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn tí ayálégbé bá kọ̀ láti jáde ni òṣìṣẹ́ kóòtù tó mú àṣẹ adájọ́ lọ́wọ́.

Ní báyìí, a lè tún ìpínrọ̀ náà kọ. "Èmi" ni mo fi kọ ọ́, nítorí pé ẹni tó ń ka "ayálégbé" léraléra máa ń gbàgbé pé òun ni wọ́n ń bá wí.

> Èmi ni n ó máa rántí ọjọ́ owó ilé. N ó san ₦400,000 lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2026, n ó sì san ₦400,000 lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2026, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ béèrè.
>
> N ó tọ́jú inú ilé àti àwọn ohun tí a kàn mọ́ ọn. Bí mo bá ba nǹkan jẹ́, n ó tún un ṣe. Ohun tó gbó nítorí pé èèyàn ń gbé inú ilé kò kàn mí.
>
> Mi ò ní fi ilé náà tàbí yàrá kan nínú rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mi ò sì ní yá a fún un, àyàfi tí onílé bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà. Mi ò ní yí ohunkóhun padà nínú ilé, àyàfi tó bá kọ ìyẹn náà sílẹ̀.
>
> Onílé tàbí aṣojú rẹ̀ lè wọlé wo bí ilé ṣe wà, ní àkókò tó bójú mu.
>
> Bí mo bá jẹ owó ilé, kódà apá kan rẹ̀, tí ó sì pé ọjọ́ 21, tàbí tí mo bá rú ọ̀kan nínú àwọn ìlérí mi, onílé lè fòpin sí àdéhùn yìí kó sì gba ilé rẹ̀ padà. Bí mo bá kọ̀ láti jáde, kóòtù ni yóò gbà lọ. Gbèsè tí mo ti jẹ kò parẹ́ nítorí pé mo ti kúrò.

Ọ̀rọ̀ kóòtù nìkan ni mo fi kún un, òfin ló sì fi í síbẹ̀, kì í ṣe èmi. Ní ti ojú ọ̀sán àti ìwé ìkìlọ̀ kí onílé tó wọlé, mo fi ìpínrọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà kí ẹ lè rí àlàfo tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tún ìwé kọ kò gbọ́dọ̀ dí àlàfo fúnra rẹ̀ kó sì ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti bá a.

Nígbà tí ìpínrọ̀ bá ti ṣe kedere báyìí, ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ hàn. Kò sọ iye ọjọ́ nọ́tíìsì. Òfin Èkó ní bí àwọn méjèèjì kò bá fi ẹnu kò sí iye kan, ẹni tó ń san owó lóṣooṣù yóò gba nọ́tíìsì oṣù kan, ẹni tó ń gba ilé lọ́dọọdún yóò sì gba ti oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ méje tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí kóòtù yóò tó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ oṣù mẹ́fà yẹn, wọ́n sì fọkàn tán an. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé gbólóhùn kékeré tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ lè mú un kúrò. "Ọdún kan gbáko" ni wọ́n kọ fún ọmọbìnrin wa. Àdéhùn tó ní ọjọ́ òpin báyìí ń kú fúnra rẹ̀ tí ọjọ́ bá pé, òfin kò sì béèrè nọ́tíìsì oṣù mẹ́fà fún un. Tí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2027 bá kọjá, ìwé ọjọ́ méje nìkan ló kù láàárín òun àti kóòtù. Bí ó bá jẹ́ pé ayálégbé ọlọ́dọọdún ni, tí ìwé kò sì dá iye mìíràn, nọ́tíìsì ti gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ láti ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2026 kó tó lè parí ní ọjọ́ kan náà.

Ìyàtọ̀ yẹn tó ìdajì ọdún, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọ iye àkókò kí ẹ tó wo ibikíbi mìíràn. Bí onílé bá gba owó ọdún mìíràn lẹ́yìn tí ọdún kan gbáko ti parí, tí wọn kò sì kọ ìwé tuntun, ọ̀rọ̀ lè yí padà, kóòtù lè kà á sí ayálégbé ọlọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n èyí jẹ́ ohun tí lọ́yà yóò jà fún lẹ́yìn tí ìjà ti dé. Gbólóhùn kan tó ní "ẹni tó bá fẹ́ kí àdéhùn yìí parí yóò kọ́kọ́ fún ẹnì kejì ní nọ́tíìsì oṣù mẹ́ta" kò ní jẹ́ kó dé ibẹ̀.

Ilé tó wà ní Ọ̀tà tàbí Mowe kò sí lábẹ́ òfin yìí, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni wọ́n. Nínú Èkó fúnra rẹ̀, òfin ọdún 2011 yọ Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Níbẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé yín wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2025, àbá òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ ilé yíyá dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, nítorí náà ẹ bi lọ́yà èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fọwọ́ sí tiyín.

Ìwé tí ẹ tún kọ fún ara yín kò rọ́pò èyí tí wọ́n tẹ̀. Èyí tí ẹ jọ fọwọ́ sí ni adájọ́ yóò wò. Nítorí náà, ẹ fi tiyín béèrè ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi kún tiwọn, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Fún ọmọbìnrin wa, gbólóhùn mẹ́ta ni: nọ́tíìsì oṣù mẹ́ta, ìwé ìkìlọ̀ wákàtí 24 kí onílé tó wọlé lójú ọ̀sán, àti pé onílé ni yóò máa tún òrùlé àti ìta ilé ṣe. Lọ́yà onílé ló sábà ń kọ ìwé yìí, ayálégbé ló sì sábà ń san owó rẹ̀, kò sì burú kí ẹni tó sanwó ní kí wọ́n fi gbólóhùn mẹ́ta kún un. Bí wọn kò bá fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, kí wọ́n fi bíírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ náà, kí onílé àti ayálégbé fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́, nínú ẹ̀dà méjèèjì, kí ayálégbé sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà.